Àkọlé Kì í Ṣe Agbọ̀n Ọ̀rọ̀ Àwárí

Ìgbàgbọ́ kan wà tí ó ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn tí ń kọ àròkọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn tí ń ta ìmọ̀ràn fún wọn sì fi ń jẹun, pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí Google, akàwé-má-sùn, fi ojú ewé òun han aráyé, dandan ni kí ó mú ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ènìyàn máa ń tẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wá nǹkan, kí ó fi í sínú àkọlé ńlá, kí ó fi í sínú gbólóhùn àkọ́kọ́, kí ó há a mọ́ inú gbogbo àkọlé kéékèèké tí ó bá tẹ̀ lé e, kí ó sì máa fọ́n ọn káàkiri ìyókù iṣẹ́ náà, títí yóò fi jẹ́ pé nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ tí ó bá kọ, méjì tàbí mẹ́ta yóò jẹ́ ọ̀rọ̀ àwárí yẹn. Àní àwọn irinṣẹ́ kan wà tí ń bá òǹkọ̀wé ka ọ̀rọ̀ náà bí ó ti ń kọ ọ́, tí wọn yóò tan iná pupa fún un bí kò bá tí ì tó, tí wọn yóò sì tan iná àwọ̀ ewé fún un bí ó bá ti pé iye. Òǹkọ̀wé a wá di ẹrú iná.

Èmi kò bá wọn gbà á. Mo ní ìgbàgbọ́ yìí kò tọ́ ní ìṣirò, kò sì tọ́ ní èdè, àti pé ibi tí ó ti ń ṣe ọṣẹ́ jù lọ ni orí àwọn àkọlé kéékèèké, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni òǹkàwé ń gbé ojú lé láti mọ ibi tí ohun tí ó ń wá fara pamọ́ sí.

Kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ náà ṣàdédé hù bí olú. Ìgbà kan wà tí ó jẹ́ òtítọ́. Nígbà tí AltaVista dé ní 1995, tí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣì jẹ́ ọmọ ìkókó, iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan bá fara hàn lójú ewé wà lára ohun tí ẹ̀rọ ìwákiri lè tètè rí dìmú, àwọn alárékérekè kò sì pẹ́ mọ̀ ọ́n, tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi yíǹkì funfun kọ ọ̀rọ̀ kan náà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà sórí ojú ewé funfun, kí ojú ènìyàn má baà rí i, kí ojú ẹ̀rọ sì rí i. Nítorí irú ìwà yìí ni iṣẹ́ tí Larry Page àti Sergey Brin ṣe ní Yunifásítì Stanford, tí ó di Google ní 1998, ṣe mú ojú kúrò lára ohun tí ojú ewé ń sọ nípa ara rẹ̀ nìkan, tí ó gbé ojú lọ sí ohun tí àwọn ojú ewé mìíràn ń sọ nípa rẹ̀ nípa títọ́ka sí i. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, Google sọ ọ́ ní gbangba pé àmì tí wọ́n fi pamọ́ sẹ́yìn ojú ewé fún kíkọ ọ̀rọ̀ àwárí, èyí tí à ń kọ báyìí pé `<meta name="keywords">`, kò já mọ́ nǹkankan fún òun nínú títo èsì ìwákiri. Nígbà tí ó di oṣù kẹrin ọdún 2012, àtúnṣe tí wọ́n sọ ní Pẹ́ńgúìn dé, ó sì dá àwọn ojú ewé tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àwárí kì bí ìbọn padà sẹ́yìn. Láti ìgbà náà wá, kíkì ọ̀rọ̀ báyìí wà lára ìwà tí òfin Google kà sí jìbìtì, òfin náà sì ka títo orúkọ ìlú jọ gbọọrọ, kí ojú ewé lè yọ fún ìlú kọ̀ọ̀kan, mọ́ ọn. Síbẹ̀ ìgbàgbọ́ náà kò kú. Ó kàn wọ aṣọ tuntun ni: wọn kò sọ pé kí á kọ ọ́ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún mọ́, wọ́n ní kí á kọ ọ́ ní ìwọ̀n méjì tàbí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí a bọ́ sí ìṣirò, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn tí mò ń bá jiyàn gbà pé ẹsẹ̀ àwọn ti fìdí múlẹ̀ jù. Google kò fi ìṣirò tirẹ̀ han ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìṣirò kan wà tí gbogbo onímọ̀ ìwákiri ìwé mọ̀ bí ẹní mọ owó, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ BM25. Stephen Robertson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n gbé e jáde ní àwọn ọdún 1990, lórí ìpìlẹ̀ tí Karen Spärck Jones ti fi lélẹ̀ ní 1972, pé ọ̀rọ̀ tí ó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ìwé níye lórí fún ìwákiri ju ọ̀rọ̀ tí ó kún inú gbogbo wọn lọ. Títí di òní olónìí, òun ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpótí ìwákiri tí ó wà nínú àwọn ìkànnì ń lò. Ìṣirò yìí ń ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ fara hàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti ń kà á. Bí a bá lo àwọn iye tí wọ́n sábà máa ń fi sínú rẹ̀, tí ojú ewé náà sì gùn níwọ̀ntúnwọ̀nsì, ọ̀rọ̀ tí ó bá fara hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò gba máàkì 1. Bí ó bá fara hàn lẹ́ẹ̀mejì, kì í gba 2, 1.38 ni yóò gbà. Lẹ́ẹ̀marùn-ún, 1.77. Lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, 1.96. Bí òǹkọ̀wé bá wá ṣe làálàá títí tí ó fi kọ ọ́ ní ìgbà ọgbọ̀n, 2.12 ni gbogbo èrè rẹ̀, kò sì sí bí ó ti lè kọ ọ́ tó tí yóò fi kọjá 2.2, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún ìgbà.

Kí ni èyí wí? Ó wí pé ìgbà àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ níye lórí jù lọ, àti pé ogún ìgbà tí ènìyàn fi kún ìgbà mẹ́wàá àkọ́kọ́ kò fún un ju ìdá díẹ̀ nínú máàkì kan lọ. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n; àwọn baba wa ti mọ èyí kí Robertson tó fi nọ́ńbà kọ ọ́. Ìyà kan sì tún wà níwájú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí. Ìṣirò kan náà máa ń fi gígùn ojú ewé dín máàkì rẹ̀ kù. Bí òǹkọ̀wé bá fi àsọtúnsọ fa ojú ewé gùn títí tí ó fi di ìlọ́po méjì èyí tí ó wọ́pọ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, tí ì bá gba máàkì 1, yóò já wálẹ̀ sí 0.71. Ẹni tí ó ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣe igba ń pa owó gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù rẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà kan kò wọ ọjà: púpọ̀ nínú àwọn tí ì bá bá ojú ewé náà pàdé ni wọn ì bá gba ojú àwọn ọ̀rọ̀ yòókù yẹn wọlé.

N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wà lójú sánmà. Ẹ jẹ́ kí a mú àròkọ kan tí ẹnikẹ́ni lè kọ fún àwọn Yorùbá, lórí bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀wà pamọ́ láti ìgbà ìkórè di ìgbà tí ó bá wọ́n. Ẹni tí ó bá ń tẹ̀lé iná àwọ̀ ewé yóò to àkọlé rẹ̀ báyìí: “Ìtọ́jú ẹ̀wà: gbogbo ohun tí ó yẹ kí o mọ̀ nípa ìtọ́jú ẹ̀wà”, “Kí ni ìtọ́jú ẹ̀wà?”, “Àǹfààní ìtọ́jú ẹ̀wà”, “Ọ̀nà ìtọ́jú ẹ̀wà tó dára jù”, “Ìtọ́jú ẹ̀wà ní Ìbàdàn, ìtọ́jú ẹ̀wà ní Ìlọrin, ìtọ́jú ẹ̀wà ní Àkúrẹ́”, “Ìparí lórí ìtọ́jú ẹ̀wà”. Àkọlé mẹ́fà, ọ̀rọ̀ àwárí mẹ́sàn-án. Ẹ bá mi ka àwọn àkọlé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sọ fún mi bí kòkòrò wà nínú wọn, bí àpò wà nínú wọn, bí oòrùn wà nínú wọn. Kò sí. Àròkọ náà lè ní ìmọ̀ tí ó jinlẹ̀ nínú o, ṣùgbọ́n àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀ ni a kọ orúkọ kan ṣoṣo sí lára, àlejò kò sì mọ èyí tí yóò ṣí.

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí yóò kọ àkọlé, ẹni tí ń bọ̀ wá kà á ni kí ó kọ́kọ́ wò. Ta ni ń wá nǹkan yìí? Kì í ṣe ẹni tí ó fẹ́ mọ ohun tí ìtọ́jú ẹ̀wà ń jẹ́. Ìyá kan ni, tí ó ra àpò ẹ̀wà méjì nígbà tí ó pọ̀ lọ́jà, tí ó ṣí i lẹ́yìn oṣù kan tí ó rí ihò wínníwínní lára rẹ̀, tí kòkòrò sì ń fò jáde. Ohun tí yóò tẹ̀ ni “kòkòrò ń jẹ ẹ̀wà mi”, tàbí “ẹ̀wà tó ní ihò, ṣé a lè jẹ ẹ́”, tàbí “oògùn kòkòrò ẹ̀wà”. Nítorí náà àwọn àkọlé tí èmi yóò fi rọ́pò ti ìṣáájú nìyí, bí wọn yóò ti rí nínú kóòdù ojú ewé náà:

```html
<h1>Bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀wà kí kòkòrò má bà á jẹ́</h1>
<h2>Láti oko ni ẹyin kòkòrò ti ń bá ẹ̀wà wálé</h2>
<h2>Bí a ṣe lè mọ̀ pé ẹ̀wà ti gbẹ tó</h2>
<h2>Dídi ẹ̀wà sínú àpò onípele mẹ́ta</h2>
<h3>Bí kò bá sí àpò: kẹ́ẹ̀gì tí ó ní ìdérí</h3>
<h2>Bí ihò bá ti wà lára ẹ̀wà náà</h2>
<h2>Ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ da oògùn apakòkòrò sí i</h2>
```

Kò sí ẹni tí ó fi ipá há ẹ̀wà mọ́ inú àwọn àkọlé wọ̀nyí, síbẹ̀ ó wà nínú márùn-ún nínú méje, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ni à ń sọ, ohun tí à ń sọ kò sì lè ṣe kí ó má yọjú. Ṣùgbọ́n kòkòrò ti dé, gbígbẹ ti dé, àpò ti dé, ihò ti dé, oògùn ti dé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọ̀nà kan wọ ọjà. Láti oṣù kejì ọdún 2021, Google ti ń lo agbára láti dá apá kan mọ̀ nínú ojú ewé gígùn, kí ó fi í dáhùn ìbéèrè tí ojú ewé náà lápapọ̀ kò dá lé lórí, bẹ́ẹ̀ ni apá tí ó wà lábẹ́ “Bí ihò bá ti wà lára ẹ̀wà náà” sì fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn kedere ju apá tí ó wà lábẹ́ “Àǹfààní ìtọ́jú ẹ̀wà” lọ, lójú ẹ̀rọ àti lójú ìyá wa yẹn pẹ̀lú.

Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé méjì nínú àwọn àkọlé náà jẹ́ odindi ọ̀rọ̀ tí ó ní ìdáhùn nínú. “Láti oko ni ẹyin kòkòrò ti ń bá ẹ̀wà wálé” ti sọ ohun tí ó ṣe pàtàkì jù kí ènìyàn tó ka ìlà kan lábẹ́ rẹ̀: pé ẹyin ti lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀wà kí ó tó dé ọjà, pé ìdin inú rẹ̀ ti gbẹ́ ihò wọnú hóró, àti pé àpò mímọ́ nìkan kò lè gba ènìyàn. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Àkọlé tí ó kẹ́yìn pàápàá kò bẹ̀rù láti gbé oògùn sí etí ẹni tí ó ń wá oògùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkìlọ̀ ni ó ń mú bọ̀. Nítorí pé àìmọye ènìyàn ni ó gbà pé oògùn ni ọ̀nà, ìlòkulò oògùn apakòkòrò kan, díkílọ́fọ́ọ̀sì, ni ó sì mú kí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà ní 2015. Bí ìkìlọ̀ yìí bá fara sin sábẹ́ “Ìparí lórí ìtọ́jú ẹ̀wà”, ta ni yóò rí i kí ó tó da oògùn sínú oúnjẹ?

Láti orí àkọlé, ẹ jẹ́ kí a sọ̀kalẹ̀ sínú ara ọ̀rọ̀. Èyí ni irú ìpínrọ̀ tí iná àwọ̀ ewé fẹ́ràn: “Ìtọ́jú ẹ̀wà ṣe pàtàkì. Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa ìtọ́jú ẹ̀wà, ìtọ́jú ẹ̀wà bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí o bá ti ra ẹ̀wà, nítorí pé ìtọ́jú ẹ̀wà tó dára ni yóò jẹ́ kí ìtọ́jú ẹ̀wà rẹ yọrí sí rere.” Ẹ gbé e sí ahọ́n. Kò sí Yorùbá kan tí ó jókòó lábẹ́ igi tí ó ń sọ̀rọ̀ báyìí, àfi bí ẹ̀mí àìrí bá ń dà á láàmú. Èdè wa ti fún wa ní “ó”, ó fún wa ní “un”, ó fún wa ní “rẹ̀” àti “náà”, kí ohun tí a bá ti dárúkọ lẹ́ẹ̀kan lè máa rìn nínú ọ̀rọ̀ láìṣe pé à ń ké orúkọ rẹ̀ bí akígbe ọba. Ẹni tí ó lé àwọn ọmọ kéékèèké wọ̀nyí jáde kí ó lè rí àyè ki ọ̀rọ̀ àwárí ti já okùn tí gbólóhùn fi so mọ́ gbólóhùn.

Ìpínrọ̀ tí èmi yóò fi sí abẹ́ àkọlé gbígbẹ nìyí: “Kí ẹ̀wà tó wọ àpò, ó gbọ́dọ̀ gbẹ dénú. Mú hóró díẹ̀ kí o gé e jẹ: bí ó bá ṣẹ́ lábẹ́ eyín, ó ti gbẹ, bí ó bá tẹ̀, dá a padà sínú oòrùn. Bí eyín kò bá dá ọ lójú, bu iyọ̀ gbígbẹ sínú ìgò gbígbẹ, da ẹ̀wà díẹ̀ lé e, dé e, mì í dáadáa, kí o sì fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀: bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì wà nínú hóró.” Ìdáhùn ni ó kọ́kọ́ jáde, ìdí àti ọ̀nà tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó ka gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan tí ó sì lọ kò lọ lófo. Èyí ni mo ń pè ní ìrọ̀rùn kíkà: kí ìpínrọ̀ san gbèsè tí àkọlé rẹ̀ jẹ, kí ó sì san án ní ẹnu ọ̀nà, láìjẹ́ kí ẹni tí ó wá sin ín wọlé lọ jókòó.

N óò yà bàrá díẹ̀ níbí. Àwọn irinṣẹ́ kan náà tí ń ka ọ̀rọ̀ àwárí a máa fún àròkọ ní máàkì ìrọ̀rùn kíkà, ìpìlẹ̀ máàkì náà sì sábà máa ń jẹ́ ìṣirò tí Rudolf Flesch ṣe ní 1948, tí ó ń ka iye ọ̀rọ̀ inú gbólóhùn àti iye sílébù inú ọ̀rọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi wọ̀n ọ́n. Yorùbá, tí ó máa ń kọ “ó”, “ń”, “sì” àti “ti” lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, yóò dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré tí gbólóhùn rẹ̀ sì gùn, òṣùwọ̀n náà yóò sì máa sọ ohun tí kò mọ̀. Èmi tí mò ń kọ gbólóhùn gígùn yìí kò sì ní purọ́ pé gígùn ni ẹ̀ṣẹ̀. Gbólóhùn gígùn tí a rí ìparí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò da ẹnikẹ́ni láàmú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé ẹ̀wà lé ọwọ́ òsì tí fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀tún kò wá àròjinlẹ̀, nítorí náà nínú àlàyé iṣẹ́ ọwọ́, kí gbólóhùn kan gbé ìgbésẹ̀ kan, ó tó.

Mo mọ èsì tí ó dára jù lọ tí wọ́n lè fún mi, n kò sì ní fi í pamọ́. Wọn yóò ní: “Ẹ lọ wò ó fúnra yín, ojú ewé tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kì fọ́fọ́ ni ó wà lókè pátápátá lórí ohun tí mo wá lánàá.” Òtítọ́ ni, mo ti rí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wíwà lókè kò fi hàn pé kíkì ni ó gbé e débẹ̀. Ojú ewé lè wà lókè nítorí pé ó ti pẹ́ níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìkànnì sì ti ń tọ́ka sí i, tàbí nítorí pé ìkànnì tí ó wà nínú rẹ̀ lókìkí, tàbí, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ní èdè Yorùbá, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tí ó kọ ohunkóhun lórí ọ̀ràn náà. Ẹni tí ó ń sáré nìkan ni yóò gba ipò kìíní, ìbáà tirọ. Kí ẹnìkan tí ó kọ ọ́ dáadáa tó wọ pápá, a kò tí ì mọ ẹni tí ó lẹ́sẹ̀.

Wọ́n tún ní èsì kejì, ó sì jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní ní Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Google ti fi ẹ̀kọ́ òye èdè tí wọ́n ń pè ní BERT kún ìwákiri ní 2019, ẹ̀rọ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì sún mọ́ ara wọn bí wọn kò tilẹ̀ jọ ara wọn. Ṣùgbọ́n Yorùbá kò ní ìwé tó bẹ́ẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀rọ yóò fi kọ́ ọ ní àkọ́yé, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ gan-an ni ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Mo gba ìdajì èyí. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ gan-an gbọ́dọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wo? Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń lò, gbogbo wọn, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì níbi tí ó tọ́, kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo ní ìgbà ọgbọ̀n. Àwọn kan wà láàárín wa tí erèé ni wọ́n ń pe ẹ̀wà. Ó tó kí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ wí pé “ẹ̀wà, tí àwọn kan ń pè ní erèé”, kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Bí èdè bá ṣe tálákà tó lójú ẹ̀rọ ni onírúurú ọ̀rọ̀ ṣe níye lórí tó, èyí sì jẹ́ ẹjọ́ mi, kì í ṣe tiwọn. Ní ti àmì ohùn, tí ọ̀pọ̀ kì í tẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wá nǹkan, mo ti rí àkọlé tí ó to “ewa, ẹwa, ẹ̀wà” jọ bí ọmọ iléèwé tí ó ń kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì. Kí àkọlé wọ àmì rẹ̀ bí ó ti yẹ. Àdírẹ́sì ojú ewé ni kí ó lọ láìní àmì, bíi `/bi-a-se-n-toju-ewa`, nítorí pé bí a bá fi ẹ sínú àdírẹ́sì, ìgbà tí ẹnìkan bá dà á kọ láti fi ránṣẹ́, ó lè di `%E1%BA%B9`, tí ẹni tí ó gbà á yóò rò pé jìbìtì ni.

Ọ̀ràn kan kù tí àwọn tí ń kì ọ̀rọ̀ kì í sọ rárá. Àkọlé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a mú kí ó tóbi kí ó sì dúdú. Bí òǹkọ̀wé bá kàn fa ìlà kan nípọn, tí kò fi `<h2>` sàmì sí i, ojú ènìyàn yóò rí àkọlé, ṣùgbọ́n àwọn afọ́jú tí ń lo ẹ̀rọ tí ń ka ojú ewé sí etí, bíi NVDA, kò ní rí i. Wọ́n a máa tẹ lẹ́tà H láti fo láti orí àkọlé kan dé òmíràn, wọ́n a sì tẹ 2 bí wọ́n bá fẹ́ ti ìpele kejì nìkan. Ẹ wá ro bí yóò ti rí létí ẹni tí ó tẹ H ní ìgbà mẹ́fà tí ó gbọ́ “ìtọ́jú ẹ̀wà” ní ìgbà mẹ́sàn-án! Google fúnra rẹ̀ ti sọ nínú ìtọ́sọ́nà tí ó ṣe fún àwọn oníkànnì pé kò sí iye àkọlé kan tí ó jẹ́ idán, àti pé títò wọn ní ìpele-ìpele dára fún àwọn tí ń lo ẹ̀rọ àkàsétí, bí kò tilẹ̀ já mọ́ nǹkan fún ìwákiri tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀rọ ìwákiri kọ́ ni ó ń béèrè pé kí `<h3>` wà lábẹ́ `<h2>`. Ènìyàn ni.

Bí a bá fẹ́ dán àròkọ wò, kí á ṣí i nínú bráwúsà lórí kọ̀ǹpútà, kí á tẹ F12, kí á lọ sí ibi tí wọ́n kọ Console sí, kí á lẹ ìlà yìí mọ́ ọn, kí á sì tẹ Enter:

```js
document.querySelectorAll('h1,h2,h3').forEach(h => console.log(h.tagName, h.textContent.trim()))
```

Yóò to àwọn àkọlé jáde láìní ara ọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Kí á ka ohun tí ó jáde fún ẹnìkan tí kò tí ì ka àròkọ náà, kí á sì bi í léèrè ibi tí yóò yà sí bí ihò bá wà lára ẹ̀wà rẹ̀. Bí ó bá ní òun kò mọ̀, àkọlé kò tí ì ṣe iṣẹ́ rẹ̀, iye yòówù tí iná bá tàn. Bí àkọlé tí a mọ̀ pé a kọ kò bá sì jáde rárá, ó jẹ́ pé nípọn ni a fà á, a kò sàmì sí i.

Àmì kejì a máa hàn nínú èsì ìwákiri. Àkọlé tí ó wà nínú `<title>` ni Google sábà máa ń fi hàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣàlàyé ní oṣù kẹjọ ọdún 2021 bí ó ti ń yan ohun tí yóò fi hàn, ó ní àwọn àkọlé kan wà tí àwọn oníkànnì ti fi ọ̀rọ̀ àwárí kì, tí wọ́n ṣèṣì rò pé ìyẹn yóò ran àwọn lọ́wọ́, àti pé òun lè pa irú wọn tì, kí òun mú àkọlé ńlá tí ènìyàn ń rí lójú ewé dípò rẹ̀. Bí ẹ bá wá ojú ewé yín tí ẹ rí i pé orúkọ tí ó ń jẹ́ níta kì í ṣe èyí tí ẹ sọ ọ́, ẹ wo inú `<title>` yín wò.

Lẹ́yìn náà ni Search Console, tí Google fi ń han oníkànnì irú ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn tẹ̀ kí ojú ewé rẹ̀ tó yọ, iye ìgbà tí ó yọ, àti iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlé. Kí á má ṣe sáré síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, nítorí pé ó lè gba ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí Google tó tún padà wá ka ojú ewé tí a tún ṣe. Bí ojú ewé bá ń yọ lọ́pọ̀ ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́, àkọlé tí ó ń hàn nínú èsì ìwákiri ni kí á tún wò. Bí “ẹ̀wà tó ní ihò, ṣé a lè jẹ ẹ́” bá wà lára ohun tí wọ́n tẹ̀, tí ìpínrọ̀ wa kò sì dáhùn rẹ̀ tààrà, kí á fi gbólóhùn méjì kún abẹ́ àkọlé ihò. Bí a bá rí “ibi tí a ti ń ra àpò ẹ̀wà onípele mẹ́ta”, tí àròkọ kò mẹ́nu bà rárá, kí á má ṣe lọ ki ọ̀rọ̀ náà mọ́ ibì kan. Ojú ewé mìíràn ni kí á kọ fún un, kí á sì tọ́ka sí i láti abẹ́ àkọlé dídi ẹ̀wà. Bí gbogbo èyí bá sì wà létòlétò tí ojú ewé kò kúrò níbi tí ó wà, ọ̀ràn náà ti kúrò lọ́rùn àkọlé: ó kù kí á wò ó bóyá ojú ewé kan tilẹ̀ wà, nínú ìkànnì wa tàbí ti ẹlòmíràn, tí ó tọ́ka sí i.